Ẹ ti nu ohun tí ẹ wá kúrò, kí ló dé tí YouTube ṣì ń gbé e wá?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn kò yé sọ, ó sì ti tó gẹ́ẹ́: "Mo ti nu gbogbo ohun tí mo wá kúrò lórí fóònù mi, síbẹ̀ fídíò yẹn ò lọ. Wọ́n ń ṣọ́ mi ni." Pé àwọn ìkànnì yìí ń rántí ohun tí a ṣe, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni èrò pé ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, pé bí a bá ti nu ojú kan yẹn, ó parí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tí etí rẹ̀ dí. Ó ṣí YouTube, ó wá bí wọ́n ṣe ń yọ ìdọ̀tí etí, ó wo fídíò mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn gùn tó 20 ìṣẹ́jú, ó sì wò ó tán. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, etí ló kún ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó wọ inú Chrome, ó tẹ "Delete browsing data", ó nu gbogbo rẹ̀. Etí ò lọ. Ó padà sí YouTube, ó yọ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ kúrò nínú àpótí ìṣàwárí. Etí ṣì wà níbẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ariwo "wọ́n ń ṣọ́ mi" ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó nù nínú Chrome, àkọsílẹ̀ ti Chrome fúnra rẹ̀ ni: àwọn ojú ewé tó ti ṣí níbẹ̀. Ohun tó wò lórí YouTube kò sí níbẹ̀, abẹ́ àkáǹtì Google rẹ̀ ló wà, lọ́dọ̀ Google. Ọ̀rọ̀ tó yọ nínú àpótí ìṣàwárí wà lábẹ́ àkáǹtì náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ohun tó wá nìkan nìyẹn. Àkọsílẹ̀ ohun tó wò tún wà lọ́tọ̀, yíyọ ọ̀kan kì í sì í yọ èkejì. Kò fọwọ́ kan èyí rárá. Fídíò mẹ́ta yẹn ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tó wò wọ́n, àwọn gan-an ló sì ń fa etí wá. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò wúwo tó fídíò tó jókòó wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í wò dáadáa. Bí ẹ bá fi ìka kan àpótí ìṣàwárí YouTube, ẹ wo àwòrán kékeré tó wà níwájú àbá kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ní aago níwájú, ẹ̀yin lẹ ti wá a rí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò bi yín bóyá kí òun yọ ọ́. Èyí tó ní dígí roboto tó ní ọwọ́ níwájú, irú èyí tí a fi ń wo nǹkan kéékèèké, kì í ṣe tiyín. Àbá tí YouTube fà yọ láti inú ohun tí àwọn ẹlòmíì ń wá ni. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ nu ti ara yín tó tí èyí yóò fi lọ, nítorí kò sí nínú àkọsílẹ̀ yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí dígí, wọ́n rò pé aago ni, wọ́n wá ń sọ pé ìnùkúrò ò ṣiṣẹ́.

Fún ẹni tí etí rẹ̀ dí yìí, ọ̀nà tó tọ́ nìyí. Kó ṣí ápù YouTube, kó tẹ àwòrán ara rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kó wọ "Settings", kó sì tẹ "Manage all history". Gbogbo ohun tó wá àti ohun tó wò yóò jáde níbẹ̀, ọjọ́ dé ọjọ́. Kó fi àpótí ìwáǹkan tó wà lókè wá ọ̀rọ̀ etí, kó yọ fídíò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ọ̀rọ̀ tó tẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó má ṣe sáré tẹ "Delete all time". Èyí yóò kó orin tó fẹ́ràn àti ẹ̀kọ́ tó ń tẹ̀ lé dànù pẹ̀lú etí, yóò sì wá bá ojú ewé tí kò mọ̀ ọ́n rí mọ́. Lẹ́yìn náà, kó tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lára fídíò etí tó bá ṣẹ́ kù, kó yan "Not interested", tàbí "Don't recommend channel" bí ó bá jẹ́ ìkànnì kan náà ló ń yọ jú. Bí ó bá sì ti tẹ "Subscribe" fún ìkànnì elétí kan, àfi kó lọ yọ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ìnùkúrò kì í kan àwọn ìkànnì tí a ń tẹ̀ lé.

Irú àṣìṣe kan náà wà lórí àwọn ìkànnì yòókù. Lórí Instagram, ẹni tó nu àwọn ohun tó wá láìpẹ́ kúrò kàn nu orúkọ tó ń hàn lábẹ́ àpótí ni. Ohun tó ń yí àbá padà ni "Reset suggested content", tó wà lábẹ́ "Content preferences". Kò ṣeé dá padà bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ṣì ń wá ibi tí wọn yóò ti jáwọ́ nínú háṣítáàgì tí wọ́n tẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ Instagram ti mú títẹ̀lé háṣítáàgì kúrò láti oṣù Kejìlá 2024. TikTok ní tirẹ̀ ní "Refresh your For You feed" láti 2023, ó sì tún ní "Filter keywords", níbi tí a ti lè kọ háṣítáàgì tí a kò fẹ́ rí. Lórí X, ẹ wọ "Privacy and safety", ẹ wọ "Content you see", kí ẹ wo "Interests". Ẹ ó rí ohun tí ẹ kò yàn rí tí wọ́n ti sàmì sí fún yín. Ẹ yọ àmì náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bóyá fóònù ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wa tàbí kò gbọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n a kò nílò rẹ̀ láti ṣàlàyé etí yìí: fídíò mẹ́ta tó wà nínú àkọsílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mi ò ní sọ pé lẹ́yìn ìnùkúrò yìí, ẹyọ etí kan kò ní yọjú mọ́. Yóò dín kù gan-an, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kan ọ̀kan tí ẹ sì wò ó tán, ó ti tún di àkọsílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún wíwò ó láti fi han ẹlòmíì pé "ẹ wo ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi". YouTube kò mọ̀ pé ẹ ń ráhùn ni, wíwò ni wíwò.

Bí ẹ bá wá rí fídíò tí ẹ kò wò rí nínú "Manage all history", ẹ má tíì pariwo olè. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ bóyá àkáǹtì yín ló wà lórí rẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ bá wò níbẹ̀, orúkọ yín ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Kí ẹ fún tẹlifíṣọ̀n ní àkáǹtì tirẹ̀ ló dáa. Bí ẹ bá sì fẹ́ yá ẹnì kan ní fóònù, ẹ tẹ "Turn on Incognito" nínú ápù náà kó tó gbà á lọ́wọ́ yín.