Púrósẹ́sọ̀ wọlé pẹ́kí, kọ̀ǹpútà kò sì tàn

Láìpẹ́ yìí, oníbàárà mi kan gbé bọ́ọ̀dù B450 tòkunbọ̀ wá pẹ̀lú púrósẹ́sọ̀ Ryzen 5 5600 tuntun, ó ní bọ́ọ̀dù tó ti kú ni wọ́n tà fún òun. Púrósẹ́sọ̀ náà wọlé pẹ́kí, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú sùkíríìnì dúdú, iná kékeré tí wọ́n kọ CPU sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ń tàn lórí bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù náà kò kú rárá.

Ihò tí à ń ki púrósẹ́sọ̀ bọ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì, AM4 sì ni ti àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọdún 2018 ni B450 jáde, 5600 sì jáde ní 2022. BIOS ni ètò tó wà nínú ṣíìpù kékeré kan lórí bọ́ọ̀dù. Òun ló ń to púrósẹ́sọ̀ àti mẹ́mọ́rì sípò nígbàkígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, bí wọ́n bá sì ti kọ ọ́ kí púrósẹ́sọ̀ kan tó dé ayé, kò ní mọ ohun tí yóò ṣe sí i.

Mo yọ 5600, mo fi Ryzen 5 2600 tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rọ́pò rẹ̀, mo sì ki káàdì àwòrán bọ̀ ọ́, nítorí pé àwọn púrósẹ́sọ̀ méjèèjì kò lè gbé àwòrán jáde fúnra wọn. Ó tàn, ọdún 2019 ni BIOS rẹ̀ sì kà. Mo gba èyí tuntun láti ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe bọ́ọ̀dù náà, mo gbé e sórí fíláàṣì, mo sì so kọ̀ǹpútà mọ́ ínfátà, torí pé bí iná bá lọ lágbede méjì iṣẹ́ yìí, bọ́ọ̀dù lè wá kú ní tòótọ́. Nígbà tí mo fi BIOS tuntun rọ́pò ti àtijọ́ tán, tí mo sì dá 5600 padà, ó tàn. Àwọn bọ́ọ̀dù kan ní bọ́tìnì BIOS Flashback, tí a fi lè ṣe é láìsí púrósẹ́sọ̀ kankan lórí wọn.

Ṣípsẹ́ẹ̀tì ni ṣíìpù orí bọ́ọ̀dù tó ń so púrósẹ́sọ̀ pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀yà yòókù, orúkọ rẹ̀ sì ni B450 àti H110 jẹ́. Ìṣòro tirẹ̀ yàtọ̀, BIOS tuntun kì í sì í ṣe oògùn rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì LGA 1151 ni Core i3-8100 àti bọ́ọ̀dù H110 jọ ń lò, síbẹ̀ wọn kò lè bára wọn ṣiṣẹ́, nítorí pé Intel yí iṣẹ́ àwọn ẹsẹ̀ iná kan padà ní 2017, ó sì ní kí wọ́n máa lo ṣípsẹ́ẹ̀tì tuntun bíi H310.

Nítorí náà, ẹ ka orúkọ bọ́ọ̀dù gan-an tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, kì í ṣe B450 nìkan, kí ẹ wá a lójúlé ẹni tó ṣe é, lábẹ́ CPU Support. Bí púrósẹ́sọ̀ yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi bọ́ọ̀dù náà sílẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, nọ́ńbà BIOS tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ mú dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, kí ó tan bọ́ọ̀dù náà lójú yín, kí ẹ sì fi wé èyí tó wà lójú sùkíríìnì kí ẹ tó sanwó.