Mọ́kànlá nínú méjìdínlógún: bí a ṣe ń ka kókó ọ̀rọ̀ láì sọ ọ́ di ti gbogbo ènìyàn

Nínú ìwádìí ọlọ́nà méjì, ìyẹn èyí tó so ìwé ìbéèrè olónkà pọ̀ mọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, nọ́ńbà oríṣi méjì ló ń pàdé nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Orísun wọn kò jọra, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni òǹkàwé máa fi wò wọ́n bí wọ́n bá ti wọ aṣọ kan náà. Aṣọ tó sì máa ń tàn án jù ni àmì yìí: %.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí a kàn gbé kalẹ̀ fún àlàyé. Àwọn olùwádìí kan fẹ́ mọ ìdí tí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru fi ń pa oògùn wọn tì. Wọ́n ṣẹ́ gègé lórí orúkọ àwọn aláìsàn, wọ́n fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn tí gègé mú, 412 sì dáhùn. Nínú wọn, 126 ní àwọn ti dá oògùn dúró, 54 nínú àwọn 126 yìí sì fàmì sí ìdáhùn tó sọ pé kò sóhun tó ń ṣe àwọn mọ́. Ìyẹn jẹ́ 43%. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣa ènìyàn 18 jọ láti bá sọ̀rọ̀ ní ìjókòó: 12 tó ti dá oògùn dúró, 6 tó ṣì ń lò ó. Nígbà tí wọ́n ka ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ tán, kókó "kò sóhun tó ń ṣe mí mọ́" jáde lẹ́nu ènìyàn 11.

Bí wọ́n bá kọ ọ́ báyìí pé "61% nínú àwọn tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò dárúkọ ìdí yìí, èyí tó fìdí 43% ti ìwé ìbéèrè múlẹ̀", ìṣirò náà kò ṣìnà. 11 nínú 18 jẹ́ 61% lóòótọ́. Ohun tí gbólóhùn náà ń dọ́gbọ́n sọ ló ṣìnà: pé bí a bá wọ àárín àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, a óò bá nǹkan bíi mẹ́fà nínú mẹ́wàá tó ń ronú bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bí 11 yẹn ṣe dé ibi tó wà. Mẹ́wàá nínú wọn wá láti inú àwọn 12 tó dá oògùn dúró; ẹyọ kan péré ló wá láti inú àwọn 6 tó ṣì ń lò ó. Ká ní òdìkejì ni wọ́n ṣà, 6 tó dá a dúró àti 12 tó ṣì ń lò ó, tí àwọn ènìyàn náà sì ń sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, 5 ni a óò rí nínú ẹgbẹ́ kìíní àti 2 nínú èkejì. Àpapọ̀ di 7 nínú 18, 61% sì wálẹ̀ di 39%. Kò sí aláìsàn kankan tó yí èrò rẹ̀ padà o. Ọwọ́ ẹni tó ṣa ènìyàn ni nọ́ńbà náà ti wá. Ìdí nìyẹn tí fífi ààlà àṣìṣe sí i kò fi lè wò ó sàn: ìṣirò ààlà àṣìṣe gbà pé gègé ló mú àwọn ènìyàn náà, nígbà tó jẹ́ pé àmọ̀ọ́mọ̀ṣà ni wọ́n. Ohun kan náà ló bá ìdánwò tó ń gbé iye `p` jáde.

Èyí tí àwọn òǹkọ̀wé kì í sábà fura sí ni àwọn 7 tó kù. Ṣé wọ́n sọ pé rárá ni, àbí a ò tiẹ̀ bi wọ́n? Nínú àpẹẹrẹ wa, ìbéèrè nípa bí ara ṣe ń ṣe ènìyàn kò sí nínú ìtọ́sọ́nà ìbéèrè nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìjókòó karùn-ún ni wọ́n fi í kún un, nítorí pé 2 nínú àwọn 5 àkọ́kọ́ ti dá ọ̀rọ̀ náà sọ láìsí ẹni tó bi wọ́n. Nínú àwọn 13 tí a wá bi ní tààrà, 9 gbà bẹ́ẹ̀, 4 sì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn 3 yòókù nínú àwọn 5 àkọ́kọ́ kàn dákẹ́ lórí rẹ̀. Nínú ìwé ìbéèrè, gbogbo ènìyàn ló rí ìbéèrè kan náà, àìfàmì sì jẹ́ ìdáhùn. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìdákẹ́ kì í ṣe rárá. Ẹni tó bá da 3 yìí mọ́ 4 wọ̀nyẹn ti sọ ohun tí wọn kò sọ lé wọn lórí.

Ohun tí a ń kà gan-an tún wà níbẹ̀. Ibi 37 ni àwọn olùwádìí ti fi àmì kókó yìí sí ara àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n 14 nínú rẹ̀ wá láti ẹnu ènìyàn kan tó fẹ́ràn àlàyé. Bí a bá gbé 37 síta, bí ẹnì kan ṣe ń sọ̀rọ̀ tó là ń wọ̀n. Ènìyàn ló yẹ kí a kà, kí a sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé náà.

Àwọn kan á ní kúkú má kà á rárá. Ìyẹn náà kò tọ́ lójú tèmi, torí "ọ̀pọ̀" àti "díẹ̀" ni wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀, nọ́ńbà tó bo ojú sì ni àwọn yẹn. Joseph Maxwell, onímọ̀ nípa ọ̀nà ìṣèwádìí, ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ kan lọ́dún 2010 pé nọ́ńbà wúlò láti fi hàn bí ohun tí olùwádìí sọ ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó láàárín àwọn tó bá sọ̀rọ̀ gan-an, kí ó má baà jẹ́ ẹnu ẹni méjì tó dùn ún gbọ́ ló ń gbé kiri. Láàárín wọn náà ni ó sì gbọ́dọ̀ dúró.

Nítorí náà, nínú abala ọ̀nà ìṣèwádìí, gbólóhùn díẹ̀ tó: "Iye tí a fi sára kókó kọ̀ọ̀kan jẹ́ iye ènìyàn nínú àwọn 18 tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣà. Kò wọn bí kókó náà ṣe wọ́pọ̀ tó láàárín àwọn aláìsàn." Bí wọ́n bá sì fẹ́ lo "ọ̀pọ̀", ibẹ̀ ni kí wọ́n ti sọ iye tó túmọ̀ sí.

Nínú abala àbájáde, gbólóhùn ti àtètèkọ́ṣe á wá di: "Mẹ́wàá nínú 12 tó dá oògùn dúró àti ẹyọ kan nínú 6 tó ṣì ń lò ó sọ pé kò sóhun tó ń ṣe àwọn mọ́. Méjì ló dá a sọ. Àwọn 9 yòókù sọ ọ́ nígbà tí a bi wọ́n." Kò sí % níbẹ̀. Ẹyọ kan nínú àwọn 6 yẹn ló sì yẹ kí a fún láàyè jù lọ, nítorí ó gbà pé ara òun dá, síbẹ̀ ó ń lo oògùn rẹ̀. Kí ló mú un dúró? Ìwé ìbéèrè kò lè dáhùn ìyẹn, ẹni kan ṣoṣo sì tó láti jẹ́ ká mọ̀ pé ìdí náà nìkan kọ́ ló ń pinnu.

Àtẹ tí a fi ń to ọ̀nà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló kù. Òpó ti ìwé ìbéèrè lè gbé "54 nínú 126 (43%)". Òpó tó kọjú sí i yẹ kó gbé ohun tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fi kún un: pé àwọn kan kọ́kọ́ fo oògùn fún ọjọ́ díẹ̀ láti wò bóyá nǹkan á ṣẹlẹ̀, nígbà tí nǹkan kan ò sì ṣẹlẹ̀, wọ́n pa á tì. Iye ènìyàn lè tẹ̀ lé e, ní ọ̀rọ̀ tàbí ní nọ́ńbà lásán. Bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò fún jọ́nà bá ní kí wọ́n fi % sí òpó kejì kí ó lè bá èkíní dọ́gba, ìdáhùn ni pé òpó méjèèjì kò dáhùn ìbéèrè kan náà, kí wọ́n sì tọ́ka sí àwọn 12 àti 6 tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣà.