Bí ìròyìn kan náà ṣe ń jáde lẹ́ẹ̀mejì, àti bí a ṣe ń dí i lọ́nà

Aago mẹ́fà òwúrọ̀ lu, ojú ìwé ìròyìn kan ní Abẹ́òkúta gbé ìròyìn òwúrọ̀ jáde. Kò pẹ́ kò jìnnà, ìròyìn yẹn kan náà tún jáde, àkọlé kan náà, àwòrán kan náà. Bí èèyàn bá wo àdírẹ́sì àwọn méjèèjì dáadáa, èkíní parí sí `iroyin-owuro-2025-03-14`, èkejì parí sí `iroyin-owuro-2025-03-14-2`. `-2` tó wà ní ìdí yẹn ni ẹ̀rí. Kì í ṣe akọ̀ròyìn ló tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì. Ètò tí wọ́n dá àkókò fún ló rán ìròyìn náà lẹ́ẹ̀mejì, WordPress tí ojú ìwé náà ń lò sì gbà á lẹ́ẹ̀mejì láìbi í léèrè.

Ọ̀nà méjì ni irú rẹ̀ ń gbà wáyé. Ti àkọ́kọ́ kò le. `cron`, tó ń jí ètò ní àkókò tí wọ́n dá fún un, lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ kò tíì parí, tàbí kí wọ́n kó ètò lọ sórí sáfà tuntun kí wọ́n gbàgbé láti pa ti àtijọ́, kí sáfà méjèèjì wá máa jí ní aago mẹ́fà. Bó bá jẹ́ sáfà kan ṣoṣo ni, ìlà yìí tó:

```
0 6 * * * flock -n /tmp/ikede.lock /opt/ikede/firanse.sh
```

Ẹni tó bá kọ́kọ́ di fáìlì yẹn mú ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀, `-n` ní kó máa lọ, kó má dúró. Àmọ́ fáìlì orí sáfà kan kò mọ ohun tó ń lọ lórí sáfà kejì. Kò sì lè dí ètò tó fọwọ́ ara rẹ̀ tún iṣẹ́ rán lọ́wọ́, nítorí ètò yẹn ló di fáìlì náà mú.

Ọ̀nà kejì ló ń fa wàhálà jù, àṣìmú kan ṣoṣo ló sì ń fà á. Ètò rán iṣẹ́, ó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, èsì kò dé, wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé "iṣẹ́ kò yọrí", wọ́n tún un rán. Ta ló sọ pé kò yọrí? Èsì ni kò dé. Iṣẹ́ lè ti parí tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ti òwúrọ̀ yẹn bó ṣe lọ. Ní 06:00:01, ètò gbé ìròyìn lọ bá WordPress. Ní 06:00:03, WordPress ti kọ ọ́ sínú dátábéèsì rẹ̀, ó ti fún un ní nọ́ńbà 4812, ó ti wà lójú táyé. Ṣùgbọ́n WordPress kò tíì dáhùn, torí pé lẹ́yìn tó bá ti kọ ìròyìn sílẹ̀ ló ń pe àwọn plọ́gíìnì, ọ̀kan nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn òǹkàwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 06:00:31, ó sú ètò wa, ó já ìlà. WordPress kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti já ìlà. Ó ń bá ímeèlì rẹ̀ lọ. Ní 06:00:36, ètò tún ìròyìn rán. Ní 06:00:38, nọ́ńbà 4813 jáde pẹ̀lú `-2` ní ìdí. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbì kankan. Oníkálukú ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún un.

Àwọn tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú mọ ọ̀rọ̀ yìí ju àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà lọ. Wọ́n di ẹrù, wọ́n fi wébíìlì rán an láti gáréèjì Kútọ̀ sí oníbàárà ní Ìbàdàn. Ilẹ̀ ṣú, oníbàárà kò pè. Bóyá mọ́tò kò tíì kúrò ní Kútọ̀, bóyá ó taku lójú ọ̀nà, bóyá ẹrù ti dé tí fóònù oníbàárà ló kú. Láti Ìtòkú, bákan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí. Ẹni tó bá di ẹrù mìíràn lójú ẹsẹ̀ lè pàdánù odindi ìdì aṣọ kan. Ohun tó lè gbà á ni kó kọ nọ́ńbà sára ẹrù, ká ní "47", kí oníbàárà sì mọ̀ pé bí 47 bá ti dé rí, kí òun dá 47 kejì padà. Nọ́ńbà nìkan kò tó o. Bí ẹni tó ń gba ẹrù kò bá wo nọ́ńbà, inki lásán ni wọ́n fi ṣòfò. Ohun tí WordPress ń ṣe gan-an nìyẹn: ó rí 47 kejì, ó gbà á wọlé, ó sì kọ "47-2" sí i lára. Àwọn kan gbà pé bí àdírẹ́sì bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, ìròyìn kò lè jáde lẹ́ẹ̀mejì. Irọ́ ni. `-2` yẹn wà kí àdírẹ́sì méjì má baà forí gbárí ni. Kò sí níbẹ̀ láti dí ìròyìn lọ́nà.

Nítorí náà, kí ètò tó tún iṣẹ́ rán, ó gbọ́dọ̀ mọ irú ìkùnà tó wà níwájú rẹ̀. Bí `curl`, tí ètò fi ń rán iṣẹ́, bá padà pẹ̀lú 6, kò rí ilé tí wọ́n rán an. Bó bá jẹ́ 7, kò rí ẹni ṣílẹ̀kùn. Nínú méjèèjì, iṣẹ́ kò kúrò nílé, a lè tún un rán láìfòyà. Bó bá jẹ́ 401 tàbí 403 ni WordPress fi dáhùn, ó kọ̀ ọ́ ni. Ẹ tún ọ̀rọ̀ aṣínà ṣe kẹ́ ẹ tó rán an padà. Ṣùgbọ́n 28, tó túmọ̀ sí pé àkókò ìdúró ti pé, kò dáni lójú rárá. 502 àti 504 kò yàtọ̀ sí i, torí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló ń sọ pé ó rẹ òun. Kò mọ ohun tí ẹni inú ilé ti ṣe. Kódà 500 kò ṣeé gbára lé: plọ́gíìnì lè ṣubú lẹ́yìn tí ìròyìn ti jáde. Ìdí nìyí tí `curl --retry 3` fi léwu níbí. Ó ń tún iṣẹ́ rán nígbà tí àkókò bá pé àti nígbà tó bá rí 500, 502 tàbí 504, kò sì bìkítà bóyá kíkà ni iṣẹ́ náà tàbí kíkọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ìlà tó ń gbé ìròyìn jáde.

Ètò gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀ tó ń kọ nǹkan sí. Nínú PostgreSQL, tábìlì kékeré kan tó:

```sql
CREATE TABLE ikede (
  ami    text PRIMARY KEY,
  ipo    text NOT NULL,
  nomba  bigint,
  akoko  timestamptz NOT NULL DEFAULT now()
);
```

Kí ètò tó rán ohunkóhun, ó kọ́kọ́ gba àyè rẹ̀:

```sql
INSERT INTO ikede (ami, ipo)
VALUES ('iroyin-owuro-2025-03-14', 'n_ran')
ON CONFLICT (ami) DO NOTHING
RETURNING ami;
```

Bí ìlà kan bá padà, àyè náà di tiwa, a lè rán ìròyìn. Bí ohunkóhun kò bá padà, ẹlòmíràn ti gbà á ṣáájú, a máa lọ. Báyìí, sáfà méjì tó jí lẹ́ẹ̀kan náà kò lè jọ wọlé. Ọ̀pọ̀ ètò ni kì í ṣe é báyìí. `SELECT` ni wọ́n ń fi wò ó bóyá ìlà wà, kí wọ́n tó fi `INSERT` kọ ọ́. Ètò méjì lè jọ wò ó, kí méjèèjì rí i pé kò sí nǹkan, kí wọ́n sì jọ rán. `PRIMARY KEY` kò fàyè sílẹ̀ láàárín wíwò àti kíkọ, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ohun kan kù: ẹ ṣe `COMMIT` kẹ́ ẹ tó rán ìròyìn. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ di ẹ̀yìn, tí àkókò wá pé, tí ètò sì dà gbogbo rẹ̀ nù, ìlà yẹn á pa rẹ́ nígbà tí ìròyìn ti wà níta.

Àmì yẹn fúnra rẹ̀ gba àkíyèsí. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún iṣẹ́ náà ni kí ẹ fi ṣe é, kì í ṣe àsìkò tí ètò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 23:59 tí wọ́n tún rán ní 00:01 á ní àmì méjì bó bá jẹ́ pé aago ló ń wò, ààbò sì ti bọ́ nìyẹn. Ẹ ṣọ́ UTC náà. Aago wa fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀, nítorí náà 00:30 ní Abẹ́òkúta ṣì jẹ́ 23:30 ọjọ́ àná lórí ọ̀pọ̀ sáfà. Bí apá kan ètò bá ń ka aago wa, tí apá kejì ń ka UTC, àmì wọn kò ní bára mu.

Nígbà tí èsì bá dé, ètò á kọ `o_jade` sí `ipo`, á sì kọ nọ́ńbà tí WordPress fún un sílẹ̀. Bí àkókò bá pé, kí ó kọ `ko_daju`. Kò gbọ́dọ̀ kọ pé iṣẹ́ kò yọrí. Ìlà tó bá wà ní `n_ran` ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ sọ ọ́ di `ko_daju` pẹ̀lú, torí iná lè lọ kí ètò sì kú lójijì láàárín rírán àti kíkọ. Ìlà `ko_daju`, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún un rán kó tó béèrè:

```
GET /wp-json/wp/v2/posts?slug=iroyin-owuro-2025-03-14
```

Bí ìròyìn bá padà, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ó parí. Bí àkámọ́ òfìfo `[]` bá padà, ẹ má tíì yọ̀. WordPress lè ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ dúró kọjá àkókò tó gùn jù tí sáfà yín ń fún ètò láti ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì, kẹ́ ẹ tún béèrè. Ẹ rí i dájú pé káàṣì kọ́ ló ń dá yín lóhùn, torí òfìfo àná lè wà nínú rẹ̀. Ìgbà tó bá ṣófo lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tún un rán, pẹ̀lú àmì kan náà.

Gbogbo èyí ṣeé ṣe torí pé WordPress ṣeé bi léèrè. Mastodon tún sàn jù ú lọ: ẹ fi àmì yín sínú hẹ́dà `Idempotency-Key`, bí iṣẹ́ kan náà bá sì tún dé, ti àkọ́kọ́ ló máa dá padà fún yín. Ó ń rántí àmì náà fún wákàtí kan, nítorí náà ìtúnrán tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ kò ní ààbò.

Telegram ló le jù. `sendMessage` kò ní àyè fún àmì, bọ́ọ̀tì kò sì lè padà sínú ṣánẹ́ẹ̀lì láti ka ohun tó ti wà níbẹ̀. Bí èsì bá sọnù, kò sí ẹni tí ètò lè bi léèrè. Ẹ gbọ́dọ̀ ti pinnu ṣáájú èyí tó sàn fún yín, kó máà jáde àbí kó jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ìkìlọ̀ pé odò Ògùn ti kún dé bèbè, ẹ tún un rán, kò burú bó bá di méjì. Ìrántí gbèsè tàbí iye owó ọjà, ẹ fi í sílẹ̀ ní `ko_daju`, kí ètò fi ímeèlì sọ fún ẹni tó wà ní ọ́fíìsì kó ṣí ṣánẹ́ẹ̀lì wò, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ `o_jade` tàbí kó tún un rán.