Àkàtúnkà Kò Tó fún Ìdánwò Ànátómì

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló gbà pé bí èèyàn bá ti ka orí kan nínú ìwé ànátómì lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, tó sì ti fi bírò aláwọ̀ fa ìlà sí i, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ìgbàgbọ́ yìí ní ibi tó ti wá. Àkàtúnkà máa ń yá ju àkọ́kà lọ, nígbà tó bá sì di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ ti mọ gbólóhùn tó kàn kí ojú yín tó dé ibẹ̀. Ìrọ̀rùn yẹn lọkàn ń pè ní ìmọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ti rọrùn fún yín ni láti dá ọ̀rọ̀ tó wà níwájú yín mọ̀, ìdánwò kò sì ní gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú yín. Wọ́n á gún píìnì mọ́ nẹ́ẹ̀fù kan lára òkú tí wọ́n fi ń kọ́ni, wọ́n á ní kí ẹ dárúkọ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ méjì, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, gbé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àyọkà láti kà. Wọ́n ní kí wọ́n tún àyọkà kan kà, kí wọ́n sì gbé èkejì tì, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rántí nínú rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àkàtúnkà ló borí: ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 75. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àkàtúnkà já sí ìdá 42, kíkọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ láì wo ìwé sì wà ní ìdá 56. Nínú apá kejì ìwádìí náà, àwọn tó kàn ń kà á ní àkàtúnkà ló dá ara wọn lójú jù pé àwọn á rántí, àwọn náà ló sì rántí kéré jù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá ń wọn ìmọ̀ rẹ̀ lóru ọjọ́ tó kàwé, àkàtúnkà ni yóò máa gbè.

Ẹ jẹ́ ká mú bírékíà pílẹ́ksọ̀sì wò, ìyẹn àgbájọ nẹ́ẹ̀fù tó ti ọrùn sọ̀ kalẹ̀ sí apá, nítorí orí yìí wà lára àwọn tó máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ sì lóye rẹ̀. Ẹ pa ìwé dé, ẹ mú abala ìwé òfìfo, kí ẹ fi bírò dúdú yà á láti orí yín. Gbòǹgbò márùn-ún ló ń bẹ: C5, C6, C7, C8 àti T1. C5 àti C6 pàdé di ìtí òkè, C7 nìkan ni ìtí àárín, C8 àti T1 sì di ìtí ìsàlẹ̀. Ìtí kọ̀ọ̀kan pín sí méjì, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Àwọn ìpín ẹ̀yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta para pọ̀ di okùn ẹ̀yìn. Ìpín iwájú ti ìtí òkè àti ti àárín di okùn ẹ̀gbẹ́ òde, ti ìsàlẹ̀ sì ń dá lọ gẹ́gẹ́ bí okùn ẹ̀gbẹ́ inú. Nẹ́ẹ̀fù ákísílárì àti rédíà ti ara okùn ẹ̀yìn jáde. Mọ́skúlòkùténíọ́ọ̀sì ti ara okùn òde wá, ọ́lúnà ti ara okùn inú, mídíánì sì gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ okùn òde àti ẹsẹ̀ kejì lọ́wọ́ okùn inú.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, abala ìwé yín yóò ní ihò kiri. Ibi tó sábà máa ń ṣófo ni àwọn ìpín, àti mídíánì tí ọ̀pọ̀ máa ń fà láti ara okùn kan ṣoṣo. Ẹ má ṣe ṣí ìwé nítorí pé ẹ há. Ẹ fi ààyè sílẹ̀, kí ẹ tẹ̀ síwájú dópin. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá ṣí ìwé, kí ẹ fi bírò pupa dí ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún àṣìṣe ṣe. Ìwọ̀n tí pupa bá pọ̀ tó ni ohun tí ẹ ò tíì mọ̀ pọ̀ tó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún un yà lórí abala mìíràn láì wo ti àkọ́kọ́. Ẹ tún padà sí i lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹrin, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Tí ó bá jẹ́ pé ẹ ń wo àwòrán inú ìwé bí ẹ ṣe ń yà á, àdàkọ lásán ni, kò yàtọ̀ sí àkàtúnkà.

Tí àwòrán náà bá ti ń jáde láìsí pupa, ẹ yí ìbéèrè padà, nítorí ìdánwò kì í sábà béèrè láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹnì kan dá egungun apá òkè ní àárín, kò sì lè gbé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sókè mọ́: nẹ́ẹ̀fù wo ló ṣèṣe, láti ara okùn wo? Rédíà ni, láti ara okùn ẹ̀yìn, nítorí ó rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn egungun náà níbẹ̀ yẹn. Ẹ wá bi ara yín: kí ló dé tí ó ṣì máa ń lè na ìgbọ̀nwọ́? Ìdáhùn ni pé púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka tó lọ sínú iṣan tó ń na ìgbọ̀nwọ́ ti yà kúrò kí nẹ́ẹ̀fù náà tó dé ibi tí egungun ti dá. Ẹni tó kàn mọ orúkọ kò ní lè dáhùn ìbéèrè kejì yìí.

Àwòrán orí ìwé nìkan kò tó fún ìdánwò píìnì. Lára òkú, kò sí àwọ̀ òféfèé àti pupa tó máa tọ́ yín sọ́nà, nẹ́ẹ̀fù gbogbo funfun jọra, wọ́n sì lè ti fa apá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wá ìrísí lẹ́tà M tó wà níwájú òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá abẹ́ apá: ẹsẹ̀ òde rẹ̀ ni mọ́skúlòkùténíọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ inú ni ọ́lúnà, àárín tí àwọn ìlà méjì ti pàdé ni mídíánì. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa tọ ipa àwọn tó kù. Láti fi èyí dánra wò, ẹ lo fọ́tò òkú gan-an, kí ẹ fi pépà bo orúkọ, kí ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ àti àmì tí ẹ fi dá a mọ̀, kí ẹ tó ṣí i. Ẹ lo fọ́tò láti igun tó yàtọ̀ síra, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fọ́tò yẹn nìkan lẹ máa mọ̀.

Àwọn tó ń lo káàdì ìbéèrè náà máa ń kùnà, ó sì sábà jẹ́ nítorí ìkánjú. Wọ́n á yí káàdì padà kí orí tó wá nǹkan kan, wọ́n á ní, "Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀." Ẹ kọ ìdáhùn tàbí kí ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu kí ẹ tó yí i. Ẹ máa po káàdì pọ̀, nítorí tó bá ń tẹ̀ léra bákan náà lójoojúmọ́, káàdì tó ṣáájú ló ń sọ ìdáhùn fún yín. Ẹ má sì yọ káàdì kan kúrò nítorí pé ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan. Ó lè jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á ni.

Kò túmọ̀ sí pé kíkà kò wúlò. Tí ohun tó lé ní ìdajì abala ìwé yín bá ṣófo, òye ni kò tíì sí. Ẹ padà lọ kà á, ṣùgbọ́n kí ẹ máa wá ìdáhùn sí ihò tí ẹ ti rí. Bákan náà ni lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò: dípò kí ẹ bẹ̀rẹ̀ orí náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn abala ìwé àtijọ́ yín ni kí ẹ kó jáde, kí ẹ ka ibi tí pupa wà nìkan, kí ẹ sì tún àwọn ibẹ̀ yà lẹ́ẹ̀kan sí i.