Réètì àti owó iṣẹ́ lórí áàpù ìfowóránṣẹ́ sílẹ̀ òkèèrè

Áàpù ìfowóránṣẹ́ sílẹ̀ òkèèrè ni ètò orí fóònù tí èèyàn ń lò láti san owó ìlú kan, kí ẹni tó wà ní ìlú mìíràn sì gbà á ní owó ìlú tirẹ̀. Bí ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá fẹ́ fowó ṣọwọ́ sílé, pọ́n-ùn ló máa san, náírà ló sì máa dé àkáǹtì ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo. Kó tó sanwó, áàpù á fi owó iṣẹ́ àti réètì hàn án. Inú méjèèjì ni ilé-iṣẹ́ ti ń jèrè, àmọ́ èrè inú réètì kì í hàn sójú.

Àpótí méjì ló sábà máa ń wà lójú áàpù. Inú `You send` lèèyàn ń tẹ iye pọ́n-ùn sí, iye náírà á sì jáde nínú `Recipient gets`. Ìlà kékeré tó wà láàárín wọn ló ń sọ owó iṣẹ́ àti réètì. Àwọn áàpù kan ń yọ owó iṣẹ́ kúrò nínú iye tí wọ́n tẹ̀, àwọn mìíràn ń fi lé e lórí.

Láti mọ ohun tó wà nínú réètì, ó yẹ ká mọ réètì àárín ọjà. Nígbà tí àwọn báńkì ńlá bá ń ra owó lọ́wọ́ ara wọn, iye tí wọ́n fẹ́ rà á máa ń kéré díẹ̀ sí iye tí wọ́n fẹ́ tà á. Agbedeméjì iye méjèèjì ni réètì àárín ọjà, òun ló sì sábà máa ń jáde téèyàn bá wá réètì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ áàpù máa ń bu díẹ̀ kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́ síwájú oníbàárà.

Ká ní réètì àárín ọjà jẹ́ ₦2,000 sí £1, tí ẹnì kan sì ní £200 tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Áàpù kan ní òun ò gba owó iṣẹ́ kankan, ó wá kọ réètì ₦1,940. Ìyá yóò gba ₦388,000. Áàpù kejì yọ £2 fún owó iṣẹ́, ó sì pààrọ̀ £198 tó kù ní ₦1,990, ìyá á gba ₦394,020. Èyí tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀fẹ́ ló wọ́n jù: nínú ₦400,000 tí £200 jẹ́ ní àárín ọjà, ₦12,000, ìyẹn £6, ló bá réètì lọ. Nítorí náà, iye tó máa dé ọwọ́ ẹni tó ń gbowó ni ó yẹ kéèyàn fi wé ara wọn.

Ní ti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ojú lásán lè rí èrè yìí. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti so sẹ́fà mọ́ yúrò, €1 jẹ́ 655.957, kì í sì í yí padà. Bí áàpù kan ní Parisi bá kọ 648 fún ẹni tó ń fi €100 ránṣẹ́ sí Kútọnu, 64,800 sẹ́fà ló máa débẹ̀ dípò 65,595. Owó tó lé ní €1.20 ti wọ inú réètì nìyẹn, bí owó iṣẹ́ tilẹ̀ jẹ́ òdo.

Pọ́n-ùn tí wọ́n san ní Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀ kì í rìn lọ sí Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ náà tàbí alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti ní náírà nílẹ̀ ní báńkì kan níbẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń sanwó fún ìyá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó pọ́n-ùn ọ̀pọ̀ oníbàárà jọ, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì sábà máa ń gba orí dọ́là kọjá. Bí náírà bá yí padà kí wọ́n tó ṣe é, àwọn ni wọ́n máa ru àdánù ẹ̀. Ìdí kan nìyí tí wọ́n fi ń bu réètì, àti ìdí tí àwọn kan fi ń bù ú jù bẹ́ẹ̀ lọ lópin ọ̀sẹ̀, nígbà tí ọjà owó wà ní títì. Ní Nàìjíríà, Báńkì Àpapọ̀ fi ààlà sí réètì tí àwọn ilé-iṣẹ́ yìí lè kọ: kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ réètì tí ọjà fi parí lánàá. Oṣù Kìíní ọdún 2024 ni wọ́n mú ààlà náà kúrò.

Réètì tó wà lójú áàpù tún ní àkókò tirẹ̀. Ẹni tó bá fi káàdì sanwó sábà máa ń rí réètì tó rí gan-an gbà. Ẹni tó bá gba báńkì sanwó, tí owó náà pẹ́ dé, lè bá réètì mìíràn pàdé bí àkókò tí wọ́n dá fún un bá ti kọjá. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013 ní kí ilé-iṣẹ́ fi owó iṣẹ́, réètì àti iye tó máa débẹ̀ han oníbàárà kó tó sanwó, ó sì fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìsanwó láti fagi lé e, bí ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí kò bá tíì gba owó náà. Òfin yẹn kò sọ pé kí wọ́n kọ réètì àárín ọjà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn.