Bí a ṣe ń tún ìkéde fásitì kọ kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lè kà á lẹ́ẹ̀kan kó sì yé e

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀ka èdè Yorùbá. Ọ̀gá ẹ̀ka wa ní kí n tún ìkéde yìí kọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Mo ti fi ọ̀rọ̀ tó rọrùn rọ́pò àwọn tó le, síbẹ̀ ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí látàárọ̀. Kí ni mi ò ṣe dáadáa? Ìkéde náà rèé:

> A ń fi àsìkò yìí ta gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rọ̀ kàn lólobó pé ètò ìforúkọsílẹ̀ fún àwọn kọ́ọ̀sì sáà kìíní yóò wá sí òpin ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìwọlé. Ìforúkọsílẹ̀ kò ní jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà láìjẹ́ pé ẹ̀rí ìsanwó ti di fífisílẹ̀, tí fọ́ọ̀mù sì ti di bíbuwọ́lù láti ọwọ́ àwọn aláṣẹ tó yẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ohun tó dín sí yúníìtì 15 tàbí tó ju 24 lọ, àyàfi nípa ìyọ̀ǹda. Ẹnikẹ́ni tó bá kùnà yóò fojú winá ìjìyà tó bá a mu.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ líle kọ́ ló ń dá wọn dúró, àbúrò mi. Wo gbólóhùn kejì: “ẹ̀rí ìsanwó ti di fífisílẹ̀”, “fọ́ọ̀mù ti di bíbuwọ́lù”. Kò sí ọmọ tó wọ fásitì tí kò mọ ohun tí ìsanwó tàbí ìbuwọ́lù jẹ́. Ohun tí kò mọ̀ ni ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò fi rísíìtì sí, ẹni tí yóò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, àti èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe nínú méjèèjì. Ẹni tó kọ ìkéde náà mọ gbogbo ẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí kò fi rí i pé òun ò kọ wọ́n síbẹ̀. Bí o bá wá fi “fífọwọ́sí” rọ́pò “bíbuwọ́lù”, ẹni tí yóò fọwọ́ sí i kò tíì jáde síta.

Nítorí náà, kó o tó tún ohunkóhun kọ, mú bírò, fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé a ó ṣe nǹkan. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, béèrè pé ta ni yóò ṣe é, níbo, àti kó tó di ọjọ́ wo. Èyí tí ìwé náà kò bá dáhùn, kọ ọ́ sọ́tọ̀, kó o gbé e lọ bá ẹni tó kọ ìkéde. Má fi orí ara rẹ dáhùn rẹ̀, bó ti wù kó dá ọ lójú tó.

Èyí tó léwu jù nínú ìkéde yìí ni “ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìwọlé”. Ó dà bí ẹni pé ó yé ni, ìdí sì nìyẹn tí kò fi ní sí ẹni tó máa béèrè. Ká ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá, ni wọ́n ṣí ilé ibùgbé, tí lẹ́kíṣọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá. Ọmọ tó gbé ẹrù rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yóò ka ọ̀sẹ̀ méjì, yóò dé ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá. Èyí tó gbà pé ọjọ́ lẹ́kíṣọ̀ ni ìwọlé yóò dé ọjọ́ 17. Ọ́fíìsì tiẹ̀ lè ní ọjọ́ iṣẹ́ nìkan làwọn ń kà láti ọjọ́ lẹ́kíṣọ̀, kí tiwọn parí ní ọjọ́ 14. Ẹni tó bá fọkàn sí ọjọ́ 17 yóò dé ìdí pọ́tàlì lẹ́yìn tí wọ́n ti tì í. Kò ṣàìgbọràn, ó sì ka ìkéde dáadáa.

Mú ìbéèrè márùn-ún lọ sí ọ́fíìsì: ọjọ́ àti aago tí pọ́tàlì máa tì, orúkọ ipò àwọn tó ń buwọ́ lù, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn, iye ẹ̀dà fọ́ọ̀mù, àti ohun tí “ìjìyà tó bá a mu” jẹ́ gan-an. Gbólóhùn tó dẹ́rù bani láìsọ nǹkan kan máa ń kó ìpayà bá ọmọ tó ti forúkọ sílẹ̀, ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ ò sì ní kà á sí.

Ìbéèrè: Mo ti lọ. Wọ́n ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, ọjọ́ 14, ni pọ́tàlì máa tì. Lẹ́fù àdífáísà, ìyẹn olùkọ́ tó ń bójú tó àwọn ọmọ ọdún kìíní, ló kọ́kọ́ ń buwọ́ lù, lẹ́yìn náà ọ̀gá ẹ̀ka, ẹ̀dà mẹ́ta. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kò ní rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìdánwò. Báwo ni kí n ṣe wá tò ó?

Ìdáhùn: O ṣeun, iṣẹ́ ti parí dé ìdajì. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

> Forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì rẹ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá 2025.
>
> Bí pọ́tàlì bá tì kó o tó forúkọ sílẹ̀, orúkọ rẹ kò ní sí nínú ìwé ìdánwò sẹ̀mẹ́sítà yìí.
>
> 1. San owó ilé-ẹ̀kọ́. Tẹ rísíìtì rẹ̀ jáde.
> 2. Wọ pọ́tàlì, tẹ `Course Registration`, kó o mú àwọn kọ́ọ̀sì rẹ. Nọ́ńbà tó wà níwájú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni yúníìtì rẹ̀. Ro gbogbo nọ́ńbà náà pọ̀: kò gbọdọ̀ dín sí 15, kò sì gbọdọ̀ ju 24 lọ.
> 3. Tẹ fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì jáde ní ẹ̀dà mẹ́ta.
> 4. Mú ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti rísíìtì lọ bá lẹ́fù àdífáísà rẹ kó buwọ́ lù wọ́n.
> 5. Lẹ́yìn náà, mú wọn lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka kó buwọ́ lù wọ́n.

Ọjọ́ àti aago ló ṣíwájú, nítorí pé orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn yóò ti rí i, ìlà àkọ́kọ́ nìkan làwọn míì yóò sì kà. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá pẹ́ tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbésẹ̀ tò bí ọmọ náà yóò ṣe máa rìn. Ìkéde àkọ́kọ́ dárúkọ ìbuwọ́lù kó tó dárúkọ yúníìtì, bẹ́ẹ̀ ọmọ kò lè gbé fọ́ọ̀mù lọ fún ìbuwọ́lù láìtíì mú kọ́ọ̀sì.

Ìlà 5 kò tíì pé lójú mi. Ẹ̀dà mẹ́ta ti gba ìbuwọ́lù, níbo ni wọ́n ń lọ? Èwo ló máa wà lọ́wọ́ ọmọ náà? Padà lọ béèrè, torí ọmọ tó bá fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ níbì kan kò ní ní ẹ̀rí lọ́wọ́ bí wàhálà bá dé nígbà ìdánwò.

Mo yọ “àyàfi nípa ìyọ̀ǹda” kúrò. Ẹni tó ní kẹrí-ófà, ìyẹn kọ́ọ̀sì tó ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì fẹ́ dà á pọ̀ mọ́ kọ́ọ̀sì tuntun ló sábà máa ń wá ju yúníìtì 24 lọ, ọmọ ọdún kìíní ò sì tíì ní kẹrí-ófà. Àmọ́ àwọn kan wà tí orúkọ wọn pẹ́ kó tó jáde nínú ìgbaniwọlé, tí wọ́n lè má tíì dé nígbà tí pọ́tàlì bá tì. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyẹn kàn ọ́. Béèrè ọ́fíìsì tí wọ́n máa lọ, kó o fi ìlà kan kún un.

Ìbéèrè: Ṣé kò yẹ kí n yọ “yúníìtì” náà kúrò? Òun ló ń da orí wọn rú jù.

Ìdáhùn: Rárá o. Òun ni wọ́n máa bá pàdé lórí pọ́tàlì, lórí fọ́ọ̀mù àti nínú èsì ìdánwò títí wọ́n á fi jáde. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ máa fojú ara rẹ̀ rí lójú skríìnì, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà gan-an, kó o ṣàlàyé rẹ̀ níbi tí ó ti kọ́kọ́ yọjú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fọwọ́ kan `Course Registration`. Bí mo bá yí i sí Yorùbá, wọn yóò máa wá bọ́tìnnì tí kò sí.

Àṣìṣe tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á rò pé yúníìtì 15 ni kọ́ọ̀sì 15. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tó fún un. `GST 111` jẹ́ yúníìtì 2, nítorí náà 2 ló fi kún àròpọ̀. Ẹni tó bá mú kọ́ọ̀sì mẹ́fà tó jẹ́ yúníìtì 2, àti mẹ́ta tó jẹ́ yúníìtì 3, ní 12 àti 9, ìyẹn 21. Ó wà láàárín 15 sí 24, kọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án péré ló sì mú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kó o sì máa lò fún ohun kan. Bí o bá pè é ní sẹ̀mẹ́sítà lókè, má pè é ní sáà nísàlẹ̀. Ìwọ rò pé o ń fi adùn kún un, ọmọ tuntun yóò rò pé nǹkan méjì ni.

Fi àmì sí i pẹ̀lú. Bí o bá kọ “ki oga eka fi owo si” láìlámì sórí ẹ̀rọ, ẹnì kan lè kà á sí owó.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti yé wọn kí n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù?

Ìdáhùn: Wá ọmọ ọdún kìíní mẹ́ta tí kò tíì rí ìkéde náà. Fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, má ṣàlàyé nǹkan kan. Má bi wọ́n pé “Ṣé ó yé ẹ?”, torí àgbà wọn ni ọ́, “bẹ́ẹ̀ ni” ni wọ́n máa sọ. Gba ìwé náà padà, kó o wá béèrè pé: “Kí lo máa kọ́kọ́ ṣe? Ìgbà wo ni pọ́tàlì máa tì? Kí lo máa mú dání lọ bá lẹ́fù àdífáísà?” Ìbéèrè tí méjì nínú wọn bá ṣì, ìlà tìrẹ ló ní àbùkù. Kíyè sí ojú wọn bí wọ́n ṣe ń kà. Ibi tí ojú bá ti padà sẹ́yìn, gé gbólóhùn yẹn sí méjì.

Ìbéèrè: Ọ̀gá ẹ̀ka ní “o” àti “rẹ” tí ẹ lò kò bójú mu, pé “ẹ” ló yẹ ìkéde fásitì.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká gbọ́ ni. Ewu tó wà nínú “ẹ” ni pé ó lè jẹ́ ẹnì kan tàbí gbogbo kíláàsì. “Ẹ mú ẹ̀dà mẹ́ta wá”: ṣé ẹ̀dà mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni, àbí olórí kíláàsì ni yóò kó ti gbogbo wa lọ? Bí wọ́n bá fẹ́ “ẹ”, gbà, ṣùgbọ́n kọ “kí olúkúlùkù yín mú ẹ̀dà mẹ́ta” sí ìlà 3 àti 4. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ìyè méjì ò sì sí.

Lẹ́yìn náà, gbé tìrẹ àti ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kó bá ọ wo ọjọ́, aago, yúníìtì àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá pẹ́, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó buwọ́ lù ú. Lẹ ti àkọ́kọ́ sábẹ́ tìrẹ lórí bọ́ọ̀dù, nítorí òun ṣì ni ìwé àṣẹ. Bí ọjọ́ bá sì yí padà, yọ ìwé àtijọ́ kúrò pátápátá kó o tó lẹ tuntun. Má fi bírò fagi lé ọjọ́ kan kó o kọ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀ lánàá ti pín in kiri.