Ẹ́ńsáìmù AmpC àti yíyan oògùn apakòkòrò nínú ìbéèrè ìdánwò àrùn àkóràn

AmpC ni ẹ́ńsáìmù kan tí àwọn bakitéríà kan ń pèsè, tó máa ń já òrùka bẹ́tà-láktámù, ìyẹn apá ibi tí agbára penisilínì àti sẹ́fálósípórínì wà. Nínú ìdánwò ìṣègùn, ìbéèrè lórí rẹ̀ sábà máa ń tọ ọ̀nà kan náà. Láábù sọ pé apá oògùn ká kòkòrò, ara aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ibà tún padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, láábù sì wá sọ pé apá oògùn yẹn kò ká kòkòrò náà mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àbájáde méjèèjì, kó sì mú oògùn tí yóò rọ́pò ti àkọ́kọ́.

Àpẹẹrẹ kan nìyí. Òkúta dí ọ̀nà òróòro ọkùnrin ẹni ọdún 62 kan, ibà sì mú un. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí láábù, kòkòrò Ẹntẹrobákítà kiloákè sì hù níbẹ̀. Àbájáde fi hàn pé apá sẹfọkisitínì kò ká a, ṣùgbọ́n apá sẹfutiráyásónì, pipẹrasilínì pẹ̀lú tasobákítámù, sẹfẹpíìmù àti mẹropẹnẹ́ẹ̀mù ká a. Wọ́n fún un ní sẹfutiráyásónì gíráàmù 2 lójúmọ́. Ibà lọ ní ọjọ́ kẹta, ó padà ní ọjọ́ kẹfà. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò: kòkòrò kan náà ni, àmọ́ apá sẹfutiráyásónì àti pipẹrasilínì pẹ̀lú tasobákítámù kò ká a mọ́. Sẹfẹpíìmù tí kò ju mílígíráàmù 1 nínú lítà kan lọ ṣì ń dá a dúró, mẹropẹnẹ́ẹ̀mù náà sì ń ṣiṣẹ́.

Ìdáhùn ti fara hàn díẹ̀ nínú àbájáde àkọ́kọ́, lójú ẹni tó bá kíyè sí sẹfọkisitínì. Jíìnì tó ń pèsè AmpC wà lára kúrómósómù kòkòrò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Kò yá a lọ́wọ́ kòkòrò mìíràn. Nígbà tí ara tù ú, ẹ́ńsáìmù tó ń pèsè kò tó nǹkan. Purotéènì kan tó ń jẹ́ AmpR ló ń ṣọ́ jíìnì náà. Bí bakitéríà ṣe ń tún ògiri ara rẹ̀ mọ ni àwọn èérún ògiri ń wọ inú rẹ̀, ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń jẹ́ AmpD sì ń gé wọn wẹ́wẹ́ kí ó lè tún wọn lò. Bí oògùn bá ba ògiri jẹ́ gan-an, èérún á pọ̀ ju ohun tí AmpD lè gé lọ. AmpR á wá gba èérún wọ̀nyí bí àmì ewu, á sì ṣí jíìnì sílẹ̀ kí ẹ́ńsáìmù lè jáde lọ́pọ̀ yanturu. Sẹfọkisitínì máa ń fa èyí gidigidi, ẹ́ńsáìmù tí òun fúnra rẹ̀ fà jáde ló sì ń já a. Ìdí nìyẹn tí apá rẹ̀ kò fi ká a láti ọjọ́ kìíní.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á sọ pé sẹfutiráyásónì ló jí ẹ́ńsáìmù náà dìde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára rẹ̀ láti jí AmpC kéré, ìdí sì nìyẹn tí láábù fi sọ pé apá rẹ̀ ká kòkòrò. Irọ́ kọ́ ni láábù pa. Ohun tó rí ní ọjọ́ yẹn ló sọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nínú bakitéríà mílíọ̀nù 1 sí mílíọ̀nù 10, a lè rí ẹyọ kan tí jíìnì AmpD rẹ̀ ti bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Irú èyí kò lè gé èérún mọ́, nítorí náà jíìnì AmpC rẹ̀ ṣí sílẹ̀ títí, oògùn ì báà wà tàbí kó má sí. Bí bakitéríà bílíọ̀nù 1 bá wà lẹ́yìn òkúta tó dí ọ̀nà òróòro, ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Sẹfutiráyásónì pa àwọn yòókù, ibà sì lọ. Àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́ kù wá gba gbogbo ilẹ̀. Oògùn ló ṣa àwọn wọ̀nyí yọ, kò dá wọn. Bí ìbéèrè bá fi "jíjí ẹ́ńsáìmù dìde" àti "ṣíṣa kòkòrò tó ti yí padà yọ" sínú àwọn ìdáhùn, èkejì ni ó tọ̀nà.

Ìròyìn ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1991 ti fi èyí hàn lára aláìsàn. Nínú ènìyàn 31 tí irú kòkòrò yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, tí wọ́n sì gba sẹ́fálósípórínì ìran kẹta, ìyẹn ẹgbẹ́ oògùn tí sẹfutiráyásónì wà, apá oògùn náà kò ká kòkòrò mọ́ lára ènìyàn 6.

Nípa ìrọ́pò, tasobákítámù kò lè so AmpC lọ́wọ́ dáadáa, nítorí náà fífi pipẹrasilínì pẹ̀lú rẹ̀ rọ́pò kò yanjú nǹkan kan nínú àpẹẹrẹ yìí. Sẹfẹpíìmù ń yára gba inú awọ òde bakitéríà kọjá, AmpC kì í sì í rí i já dáadáa. Mẹropẹnẹ́ẹ̀mù náà kì í tètè já. Fún ọkùnrin yìí, sẹfẹpíìmù ni ìdáhùn tó dára jù, kí a lè fi mẹropẹnẹ́ẹ̀mù pamọ́ fún ìgbà tí kò bá sí òmíràn. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣí ọ̀nà òróòro tó dí. Ìbéèrè kì í sábà béèrè ìyẹn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ogunlọ́gọ̀ bakitéríà kóra jọ sí.

Ìdáhùn yìí ní ààlà. Bí ó bá di pé ó gba sẹfẹpíìmù mílígíráàmù 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú lítà kan kí kòkòrò tó dúró, ó ṣeé ṣe kí ẹ́ńsáìmù mìíràn, irú CTX-M, ti wà pẹ̀lú AmpC, mẹropẹnẹ́ẹ̀mù ni yóò sì yẹ. CTX-M yàtọ̀: ara ẹ̀ka jíìnì tó ń rìn láti kòkòrò dé kòkòrò ni ó sábà wà, kúlafuláánétì, oògùn tó ń so ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́ bíi tasobákítámù, máa ń so ó lọ́wọ́, kì í sì í já sẹfọkisitínì. Nítorí náà, bí ìbéèrè bá sọ pé apá sẹfọkisitínì ká Ẹṣẹríkíà kólì kan ṣùgbọ́n apá sẹfutiráyásónì kò ká a, CTX-M ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ rò.

Àwọn kòkòrò tí ìtàn yìí bá mu jù ni Ẹntẹrobákítà kiloákè, Kilẹbusiẹ́là ayẹrójẹ́níìsì àti Sitirobákítà fúrọ́ńdì. Ìlànà Ẹgbẹ́ Àrùn Àkóràn ti Amẹ́ríkà ni pé kí a má fi sẹfutiráyásónì tọ́jú àkóràn líle tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fà, bí láábù tilẹ̀ sọ pé apá rẹ̀ ká wọn. Sẹréṣíà masẹ́sẹ́ńsì náà ní jíìnì AmpC, àmọ́ kì í sábà yí padà báyìí nígbà ìtọ́jú, a sì lè tẹ̀ lé ohun tí láábù bá sọ nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àkójọ orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń há sórí ṣì pa á pọ̀ mọ́ àwọn mẹ́ta yẹn.